Ọmọ Mẹ́tàdínláàádọ́fà, Ilẹ̀kùn Kan

Mghoi kò pa ẹnikẹ́ni rí, àmọ́ tó bá ti yọ ìwé àti bírò níwájú èèyàn lórí òkè Mwaroko, onítọ̀hún á kọ́kọ́ fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀ wò bóyá ó ṣì ń lù. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yìí ti ń kọ ìkéde òkú fún gbogbo òkè náà. Akọ̀wé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ gangan, àwọn òbí ló ń dá owó oṣù rẹ̀ jọ. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà lórí òkè, orí tábìlì rẹ̀ ló sì wà, nítorí náà kò sẹ́ni tó kú tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ kò yí padà rí: "Pẹ̀lú ìtẹríba fún ìfẹ́ Ọlọ́run." Lẹ́yìn náà ni orúkọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé: ọmọ lágbájá, àbúrò làkáṣègbè, àna tàmẹ̀dò, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ alága ìjọ, títí ìwé á fi kún dé etí. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fo orúkọ kan níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fo orúkọ rẹ̀ kò ní dáwó, kò ní gbẹ́ sàréè, á sì tún wá jẹun. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbàlagbà fi máa ń gbé ẹyin wá kí Mghoi nígbà tí ara wọn ṣì le. Mzee Malemba, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ilé ìwé, ti ní kí ó kọ tòun sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì ti wá tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹrin ó ní kí ó yọ "onínúure" kúrò, kí ó fi "akíkanjú" sí i, nítorí pé onínúure ti pọ̀ jù ní itẹ́ òkú.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ ṣáláńgá lé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré o. Ní oṣù kẹta, òṣìṣẹ́ ìlera gun òkè wá, ó yọjú sínú ṣáláńgá ilé ìwé, ó sì yára fa orí rẹ̀ padà. Mẹ́fà ni wọ́n kọ́ níjọ́sí. Mẹ́rin ti kún, wọ́n ti kan pákó mọ́ ẹnu wọn. Méjì tó kù, ohun tí ojú ọkùnrin náà rí níbẹ̀ kò ṣeé sọ nídìí oúnjẹ. Ó kọ̀wé sílẹ̀: tí kò bá sí ṣáláńgá tuntun kí sáà kejì tó wọlé, wọ́n máa ti ilé ìwé náà pa. Ilé ìwé tó sún mọ́ wọn jù wà lódìkejì àfonífojì, ìrìn wákàtí méjì, odò kan sì wà láàárín tó máa ń kún lásìkò òjò. Kò sí ìyá kankan ní Mwaroko tó máa ní kí ọmọ ọdún mẹ́fà lọ fi ẹsẹ̀ wọ odò yẹn. Tí wọ́n bá ti ilé ìwé, ìwé kíkà tán fún ọmọ kéékèèké nìyẹn.

Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n mu tíì, wọ́n pinnu láti ṣe harambee ní Sátidé kejì oṣù kẹrin, kí gbogbo ayé wá dáwó. Wọ́n ní kí Mghoi kọ ìwé ìléwọ́ tí wọ́n máa pín kiri.

"Kó má gùn," ni Mwalimu Mwandawiro wí, ọ̀gá àgbà ilé ìwé, ọkùnrin tó máa ń kí ilé ìwé káàárọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. "Ìdajì ìwé péré. Kó sì wọ èèyàn lára."

"Orúkọ alága ló máa ṣíwájú," ni Mzee Malemba wí.

"Tẹ̀lé e, igbákejì alága," ni igbákejì alága wí.

"Ẹ má gbàgbé pé olóyè máa wà níbẹ̀. Àti igbákejì olóyè. Àti pásítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Mẹ́rin ni wọ́n. Ẹ ò mọ̀ pé ìjọ kan nínú wọn ti pín sí méjì?"

Nígbà tí wọ́n fi dìde, orúkọ mẹ́tàlélógójì ló wà nínú ìwé Mghoi. Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ ṣáláńgá.

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́n ju orí rẹ̀ lọ, ó ti tẹ "Pẹ̀lú ìtẹríba fún ìfẹ́ Ọlọ́run" kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó wò ó, ó rí i pé kò burú, ó fi sílẹ̀. Ó to àwọn orúkọ náà ní ipò ní ipò. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, àyè tó kù kò ju ìlà kan lọ. Ó ronú lórí ọ̀rọ̀ tó lè wà lórí ìwé kan náà pẹ̀lú pásítọ̀ mẹ́rin, ó sì kọ ọ́ pé: "nípa ti ohun amáyédẹrùn ìmọ́tótó." Inú rẹ̀ dùn sí i gan-an.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé e lọ sí Wundanyi, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, sọ́dọ̀ Saru. Saru ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé tó ń ta adìyẹ, tó ń pe èèyàn sí ìsọjí, tó ń wá màlúù tó sọnù ní agbègbè náà, òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Ó gba ìwé Mghoi, ó kà á lókè, ó kà á nísàlẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Mama Kitawi, ẹ kúuṣẹ́," ni ó wí, orúkọ ọmọ Mghoi ló fi pè é. "Níbo lọ̀rọ̀ wà?"

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ káwọn èèyàn ṣe."

Mghoi fìka hàn án ní ìsàlẹ̀.

"Ohun amáyédẹrùn ìmọ́tótó," ni Saru kà. "Kí nìyẹn?"

"Ṣáláńgá ni."

"Kí ló dé tẹ́ ò kọ ṣáláńgá?"

"Ojú ń tì mí ni. Pásítọ̀ mẹ́rin ló wà lókè yẹn."

"Àwọn pásítọ̀ kì í lọ ni?" Saru gbé ìwé náà kalẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi, Mama. Ẹni tó máa ka ìwé yìí ò jókòó sílé. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé ẹrù dání, òjò ń bọ̀. Ó máa wo àkọlé bí ẹni wo aago, tí kò bá bá nǹkan níbẹ̀, ó parí. Àkọlé yín dà?"

"Òun nìyẹn. 'Pẹ̀lú ìtẹríba.'"

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò," ni Saru wí.

Ó tẹ ẹyọ kan, ó sì mú Mghoi jáde lọ sí ibi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí. Ọ̀kan nínú wọn, Mwadime, ń jẹ màǹdásí lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ń dúró kí obìnrin kan tó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ parí ọ̀rọ̀ kó lè gbé e gun òkè. Saru fún un ní ìwé náà, ó ní, "Kà á, kó o sọ ohun tó wí fún mi." Mwadime nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó wo ìwé náà fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń gbé itọ́ mì, ó sì ṣí fìlà kúrò lórí.

"Háà. Mzee Malemba náà ti lọ?"

"Lọ síbo?" ni Mghoi bi í.

"Ọjọ́ Túsìdé ni mo gbé e mà. Ó tiẹ̀ bá mi jà torí owó." Mwadime tọwọ́ bọ àpò, ó mú àádọ́ta ṣílè jáde, ó fi í sí Mghoi lọ́wọ́. "Ẹ bá mi fi kún owó pósí. Ọlọ́run á tu ilé nínú."

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí Mghoi ṣe? Ó lanu láti ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gbé Saru ṣánlẹ̀ sórí òkúta, obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ sì ti gun ọ̀kadà, ó ti gbọ́ "Malemba," ó ti gbọ́ "pósí," òun àti Mwadime sì ti gbéra. Èéfín ọ̀kadà ni Mghoi ń bá sọ̀rọ̀.

Bó ṣe gun òkè padà nínú ọkọ̀ èrò, ó gbọ́ igbe kó tó rí ilé. Ẹnu géètì Mzee Malemba kún fún obìnrin. Àwọn kan ru igi ìdáná, àwọn kan gbé àgbàdo. Mzee Malemba fúnra rẹ̀ dúró láàárín wọn nínú sínńgílẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ korò, ó ń bi wọ́n léèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló kú?"

Wọn ò lè wo ojú rẹ̀. Ìyá kan tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa dì mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. A ò mọ̀ pé Malemba ní àbúrò tó jọ ọ́ báyìí."

"Èmi rèé. Èmi ni Malemba."

"Ìbànújẹ́ ló ń dà á lórí rú," ni ìyá náà sọ fún àwọn tó kù, ó sì tún bú sẹ́kún.

Ó tó wákàtí kan kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Igi ìdáná, wọ́n gbé e padà. Àgbàdo, Mzee ò jẹ́ kí wọ́n gbé e padà. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó yíjú sí Mghoi tó dúró lẹ́bàá ọgbà bí ọmọ tó fọ́ àwo.

"Mghoi."

"Mzee."

"Ìwé wo lo kọ?"

"Ìwé ìléwọ́ ti ilé ìwé ni, Mzee. Orúkọ yín ló ṣíwájú, bẹ́ ẹ ṣe wí."

"Ẹni tó bá rí orúkọ mi lókè ìwé tó ti ọwọ́ rẹ wá, kí lo rò pé ó máa rò?" Ó mi orí sọ́tùn-ún, ó mì í sósì. "Ọmọ mi ní Mombasa ti wọ bọ́ọ̀sì. Ó ti wọ̀ ọ́, ó ti sanwó. Yọ orúkọ mi kúrò."

"Mo gbọ́."

"Má fi sísàlẹ̀. Má fi sẹ́yìn. Yọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu kì í dúró lójú kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, igbákejì alága ti pe Mghoi, ó ní kì í ṣe pé òun gba nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, àmọ́ ẹni tó tẹ̀ lé Malemba lórí ìwé náà lòun, òun ò sì fẹ́ tẹ̀ lé e lọ síbikíbi. Olóyè rán ọlọ́pàá abúlé. Pásítọ̀ mẹ́ta kọ̀wé. Ẹ̀kẹrin wá fúnra rẹ̀, ó ní ìgbàgbọ́ òun dúró ṣinṣin, kí ó ṣáà yọ òun. Orúkọ mẹ́tàlélógójì, kò ku ẹyọ kan.

Ìwé wá ṣófo pátápátá. Ẹ̀rù sì ba Mghoi gidigidi, mi ò ní parọ́ fún yín. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Obìnrin tó ti kọ ìwé tó lé ní igba jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sí ẹni tó wà láàyè. Ó kọ "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́." Ó pe Saru lórí fóònù, ó kà á fún un.

"Ta ni 'wa'?" ni Saru wí. "Ìjọ máa ń bẹ̀bẹ̀, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń bẹ̀bẹ̀. Òmíràn."

"'Àwọn ọmọ wa ń jìyà.'"

"Ọmọ wo? Ìyà wo? Mama, ẹ má sọ fún mi pé nǹkan burú. Ẹ fi hàn mí. Mo fẹ́ rí ọmọ níbẹ̀."

Inú bí Mghoi, ó pa fóònù. Agogo ìsinmi lù ní àkókò yẹn, ó sì gbé bírò, ó jáde lọ sẹ́yìn ilé ìwé láti lọ wo ohun tí ọmọ burúkú yẹn fẹ́ rí.

Àwọn ọmọ ti tò. Ìlà méjì, ilẹ̀kùn méjì. Ìlà àwọn obìnrin ti yí ọgbà ewébẹ̀ po. Ní iwájú, ọmọ kan ń kan ilẹ̀kùn fún ẹni tó wà nínú rẹ̀: "Yára, ṣé o ti kú síbẹ̀ ni?" Ní àárín, wọ́n ń jó. Mghoi ti rí ijó yẹn láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì rò pé ayọ̀ ni. Ó sún mọ́ wọn, ó rí i pé ijó náà ò lórin. Orúnkún lù mọ́ orúnkún, ọwọ́ di aṣọ mú, ojú le koko. Ọmọ kíláàsì kejì kan tó dúró lẹ́yìn gbogbo wọn kò tiẹ̀ jó. Ó kàn dúró.

"Ìwọ ò fẹ́ lọ ni?" ni Mghoi bi í.

"Mi ò ní í débẹ̀," ni ọmọ náà wí. "Mo kàn ń tò ni."

"Kí lo wá máa ń ṣe?"

"Mo máa ń pa á mọ́ra títí mo fi máa délé. Mi ò kì í mu ògì àárọ̀."

Agogo lù. Wọ́n tú ká. Mghoi dúró níbẹ̀ láàárín ewébẹ̀, ó fi bírò pín iye ọmọ sí méjì sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ mẹ́rìnlá lé nígba, ilẹ̀kùn méjì. Ó pín in lẹ́ẹ̀kejì nítorí kò gbà á gbọ́. Inú bí i, ṣùgbọ́n ìbínú náà kò sí lórí Saru mọ́.

Ó kọ ohun tó rí sínú ìwé. Nígbà tó gbé e dé Wundanyi, Saru kò rẹ́rìn-ín. Ó kà á, ó mú bírò pupa, ó fa igi sórí "pẹ̀lú ọ̀wọ̀." Ó fa igi sórí "ọ̀wọ́n." Ó bi í léèrè iye tí àpò símẹ́ńtì kan ń jẹ́, ó ní kó kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n bá ní kó mú ohunkóhun wá kì í mú nǹkan kan wá, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá bi fún àpò kan á mọ̀ bóyá òun ní in. Wọ́n jiyàn díẹ̀ lórí ìlà tó kẹ́yìn. Saru gbé nọ́ńbà tí wọ́n máa fi owó ránṣẹ́ sí, ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀ bó ṣe wà lórí ìwé gan-an, ó pè é. Fóònù Mghoi dún nínú báàgì rẹ̀. "Ó tọ́," ni Saru wí. "Ìsọjí kan wà tí mo tẹ̀ láìpè, ẹni tó ń ta ewúrẹ́ ló gba gbogbo ọrẹ." Wọ́n tẹ ìwé méjì méjì sórí abala kan, lórí ìwé aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n sì gé e. Àyè tó ṣófo pọ̀ lórí rẹ̀ débi pé Mghoi fẹ́ fi orúkọ kan há a. Saru gbá ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

ỌMỌ 107. ILẸ̀KÙN KAN.

Ọmọ 214 ló wà ní ilé ìwé Mwaroko. Ṣáláńgá méjì ni wọ́n ní. Ọmọ tó tò sẹ́yìn ò ní í débẹ̀ kí agogo tó lù. Kì í mu ògì àárọ̀, kí ìtọ̀ má bàa gbọ̀n ọ́n.

Tí kò bá sí tuntun kí sáà kejì tó wọlé, wọ́n máa ti ilé ìwé pa.

Àpò símẹ́ńtì kan, 800 ṣílè. Ọgọ́ta àpò la nílò. Ẹ mú ẹyọ kan wá sí ilé ìwé ní Sátidé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yìí. Ẹ ò lówó? Ẹ mú ṣọ́bìrì.

Wọ́n gbé e lọ fún Mwadime. Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó ní àádọ́ta ṣílè òun ò tíì padà, òun ò sì mọ ẹni tó tún kú. Saru fi sí i lójú. Ó wò ó. Ó gbé màǹdásí kalẹ̀.

"Ọgọ́rùn-ún àti méje? Ilẹ̀kùn kan?"

"Ilẹ̀kùn kan."

"Ọmọbìnrin mi wà níbẹ̀," ni Mwadime wí. Ó yíjú sí àwọn ọlọ́kadà yòókù. "Ẹ wá wo nǹkan. Ta ló ní ṣọ́bìrì nínú yín?"

Saru fọwọ́ kan Mghoi léjìká. "Ẹ jẹ́ ká tẹ èyí tó kù."

Mwalimu Mwandawiro ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní ìwé tí ṣáláńgá wà lórí rẹ̀ tí alága ò sí lórí rẹ̀ kì í ṣe ìwé. Ó ní kò sẹ́ni tó máa wá. Ní aago mẹ́sàn-án Sátidé náà, ó dà bíi pé òótọ́ ló sọ. Wọ́n ti ta kánópì, wọ́n ti to àga onítìmùtìmù mẹ́tàlélógójì sábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹnì kan lórí ọ̀kankan. Àwọn èèyàn pàtàkì ò wá, nítorí orúkọ wọn ò sí lórí ìwé, ẹ sì mọ̀ pé àwọn ló yọ ara wọn. Mwalimu di ìwé ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀ mú, ojú ewé mẹ́sàn-án. Mghoi jókòó lórí àpáta, ó ń wo ọ̀nà.

"Mo sọ fún yín," ni Mwalimu wí.

"Ẹ sọ ọ́," ni Mghoi wí. "Ó ku kẹ́ ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ariwo ọ̀kadà, bí ìgbà tí ìjì bá ń bọ̀. Méjìlá ló yọ láti kọ́nà, àpò símẹ́ńtì méjì méjì ló wà lẹ́yìn wọn, Mwadime sì di ṣọ́bìrì méjì mọ́ra bí ọmọ ogun. Lẹ́yìn wọn, àwọn ìyá láti ọjà. Lẹ́yìn àwọn ìyá, àwọn tí kò ní ọmọ nílé ìwé rárá, ìwé aláwọ̀ ìyeyè lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń béèrè ibi tí ìlà náà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí i. Bàbá kan gbé ìdajì àpò símẹ́ńtì wá, ó ní ìdajì yòókù ti wà lára ògiri òun. Àwọn ìyá àgbà rí àga onítìmùtìmù tó ṣófo, wọ́n lọ jókòó sí i, wọ́n bọ́ bàtà. Fóònù Mghoi ń dún láìdákẹ́ nínú báàgì, owó ń wọlé láti Voi, láti Mombasa. Ọmọ Mzee Malemba tó wọ bọ́ọ̀sì wá sin bàbá rẹ̀ kò sì tíì padà, ó fi owó pósí ra àpò márùn-ún.

Nítorí pé kò sí èèyàn pàtàkì, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Kí ó tó di aago mẹ́wàá, wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀. Òjò ti mú kí ilẹ̀ náà rọ̀, kò ṣorí kunkun. Ní aago kan ọ̀sán ni olóyè àti igbákejì alága àti pásítọ̀ mẹ́rin dé, ní àkókò tí irú wọn máa ń dé sí harambee, kò sì sí ẹni tó lè kí wọn káàbọ̀, torí inú kòtò ni gbogbo ènìyàn wà. Olóyè dúró létí kòtò náà, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣíde fún orí tó ń lọ tó ń bọ̀. Mzee Malemba tó ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́wàá, tó jókòó sórí kòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ tó ń pàṣẹ, nawọ́ ṣọ́bìrì sí i. Olóyè wò ó. Ó bọ́ kóòtù.

Ṣáláńgá mẹ́sàn-án ni símẹ́ńtì náà kọ́. Mẹ́jọ ni wọ́n fẹ́. Ọ̀kan tó ṣẹ́ kù, Mghoi sọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe, kò sì sí ẹni tó bá a jà.

Ní Mọ́ńdè tí sáà kejì wọlé, òṣìṣẹ́ ìlera gun òkè wá pẹ̀lú ìwé tí ó máa fi ti ilé ìwé nínú àpò rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó yọjú, kò sì fa orí padà. Ó kọ "ó dára" sí ìdí ìwé náà, ó buwọ́ lù ú, ó béèrè bóyá òun lè lo ọ̀kan kí òun tó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní kó tò.

Agogo ìsinmi lù. Ní yàrá olùkọ́, Mwalimu Mwandawiro gbé fúláàsì tíì kiri bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́, ó ń bù fún àwọn tìṣà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Mghoi, ó fẹ́ fò ó kọjá, nítorí láti ọjọ́ tó ti mọ obìnrin náà, ohun tó máa ń sọ ni pé òun ti mu nílé. Mghoi na kọ́ọ̀pù sí i.

"Ẹ bù sí i."

Mwalimu dúró. "Mo ṣebí ẹ kì í mu tíì, Mama Kitawi."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ọdún mọ́kàndínlógún, gbogbo ọ̀gá tó ti jẹ níbí ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo fẹ́ràn tíì ju gbogbo yín lọ," ni Mghoi wí.

Mwalimu lanu láti tún béèrè. Ojú rẹ̀ gba ojú fèrèsé kọjá, ó bọ́ sórí ilẹ̀kùn kẹsàn-án tó wà lápá ọ̀tọ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sí lára pé ti òṣìṣẹ́ obìnrin, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilé ìwé náà. Ojú tì í, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó tì í. Mkawasi, tìṣà kíláàsì kìíní, obìnrin tí wọ́n rò pé àìsàn ni kò jẹ́ kó máa mu nǹkan gbígbóná, na kọ́ọ̀pù tirẹ̀ náà síwájú. Mwalimu bù ún kún fún àwọn méjèèjì láìsọ̀rọ̀, ìyẹn sì ni ọ̀rọ̀ tó kúrú jù tó ti sọ láyé rẹ̀.

Mghoi mu ún tán, ó ní kó bu òmíràn.